Àwọn Tó Béèrè Pósí Tí Wọn Ò Rà Á

Èmi Félicité ni mo fi ohùn yẹn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mi ò lè sọ pé ọkọ mi ló ní kí n ṣe é, mi ò sì lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru Fawziath tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́. Nítorí rẹ̀ ni ìyá kan ní Banigbé ṣe kọ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ilé ìwòsàn dé.

Ọkọ mi, Ògúndélé, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Igolo, ní Ifangni níbí. Ó ń ṣe ilẹ̀kùn, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n pósí ló ń bọ́ wa. Kí ẹnikẹ́ni má fojú burúkú wò mí. Bí kò bá sí ẹni tó ń kàn án, orí ẹní la ó máa gbé àwọn èèyàn wa lọ. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, ẹni tó bá fẹ́ rà á máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí wa kú iṣẹ́, á wo igi, á wo ilẹ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó sọ pé, "Bon, ẹnì kan ti fi wá sílẹ̀." A ó bá a kẹ́dùn ná, kí a tó dárúkọ owó. Kò sí ẹni tó ń wá béèrè pósí fún ẹni tó ṣì ń mí. Èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe é, ikú ló ń pè wálé.

Nígbà tó di ọdún tó kọjá, àwọn pósí funfun tí wọ́n ń kó wá láti ìlú ńlá, èyí tó ní irin dídán lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́. Fawziath, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń ta aṣọ ní Porto-Novo, wá kí wa, ó rí bí ilé iṣẹ́ ṣe dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìpolówó orí Facebook, èyí tó ní bọ́tìnì WhatsApp nísàlẹ̀. Ẹni tó bá rí i, tó tẹ bọ́tìnì yẹn, ọ̀dọ̀ yín tààrà ló já sí. Ẹ̀yin àti òun á jọ máa sọ̀rọ̀."

Ògúndélé ń fá igi lọ́wọ́. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìyá Marthe, ojú lọ̀rọ̀ wà." Marthe ni àkọ́bí wa. Mo dá a lóhùn pé ojú tí kò sí ẹni tó wá fi hàn wá, kí la fẹ́ fi ṣe. Ẹnu mi mú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A ṣe ìpolówó méjì. Èkínní, àwòrán pósí funfun kan tí ọkọ mi kàn láti fi bá àwọn ará ìlú ńlá díje. Èkejì, pósí igi tíìkì tí a kò kùn, tí a kàn fi òróró pa. A yan ibi tí a fẹ́ kí wọ́n ti rí i, láti Pobè títí dé Porto-Novo, a sì dá iye tí yóò máa jẹ lójúmọ́. Nígbà tí oṣù pé, mo ṣí i wò, mo rí i pé èèyàn méjìléláàádọ́ta ló ti bá wa sọ̀rọ̀. Mo fò sókè. Mo pe Fawziath pé ọjà ti dé.

Ó ní, "Doucement, Àǹtí, ẹ rọra. Mélòó nínú wọn ló rà?"

Mo ronú. Mi ò mọ̀.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní iye tí mò ń wò yẹn, àwọn tó ṣí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú wa ni, kì í ṣe àwọn tó ra ọjà. Ẹnu ọ̀nà wa níbí ni wọ́n ti ń fi owó lé wa lọ́wọ́, ẹni tó wà nínú Facebook kò lè rí ìyẹn. Èmi fúnra mi ni kí n máa sàmì sí wọn. Ó fi hàn mí bí WhatsApp àwọn oníṣòwò ṣe ní àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi tí èèyàn lè lẹ̀ mọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: ẹni tuntun, ẹni tó ti ní ká bá òun ṣe é, ẹni tí à ń retí owó rẹ̀, ẹni tó ti san. Ó tún fi hàn mí pé bí mo bá ṣí ọ̀rọ̀ oníbàárà, màá rí lókè pátápátá àwòrán ìpolówó tó gbé e wá. Nípa bẹ́ẹ̀, màá mọ èyí tó ń mú èèyàn wá lásán àti èyí tó ń mú owó wá.

Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Àwọn méjìdínlógójì ló ti ibi pósí funfun wá, ẹnì kan péré ló rà nínú wọn. Àwọn yòókù kàn ń wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó onílé. Ti igi tíìkì, èèyàn mẹ́rìnlá, márùn-ún ló rà. A dá ìpolówó ti funfun dúró, a fi owó rẹ̀ kún ti tíìkì. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ Ògúndélé. Òun náà kò sọ nǹkan kan mọ́ nípa ojú.

Ó ku àwọn tó béèrè tí wọn kò rà. Mo ṣe àmì tiwọn fúnra mi, aláwọ̀ eérú, mo pè é ní "Ó dákẹ́". Wọ́n di mẹ́rìndínláàádọ́ta, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Fawziath ti sọ fún mi pé nídìí aṣọ, ẹni tó bá dákẹ́ a máa ń rán an létí ni, pé nínú mẹ́wàá, méjì tàbí mẹ́ta á padà wá. Aṣọ ni Fawziath ń tà. Pósí ni mò ń tà. Ìyàtọ̀ yẹn kò wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn.

Ohun tí mo rò ni pé wọ́n ti lọ rà á níbòmíràn, tàbí pé owó ló ń dùn wọ́n. Èrò àtijọ́ ló wà lórí mi, pé ẹni tó bá ti béèrè pósí, òkú ti wà ńlẹ̀. N kò mọ̀ pé fóònù ti ba èèwọ̀ yẹn jẹ́. Ẹni tí kò ní lè dúró lẹ́nu ọ̀nà wa láéláé kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ kó tẹ bọ́tìnì. Kò sí ojú tó ń wò ó.

Mo ṣí àmì "Ó dákẹ́". Mo gba ohùn mi sílẹ̀: "Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi Félicité ni, ìyàwó Ògúndélé gbẹ́nàgbẹ́nà, lójú ọ̀nà Igolo, ní Ifangni. Pósí tí ẹ béèrè lọ́wọ́ wa ṣì wà ńlẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù. Bí ẹ bá wá lọ́sẹ̀ yìí, a ó bá yín dín in kù." Mo fi ránṣẹ́ sí wọn ní márùn-ún márùn-ún, nítorí WhatsApp kì í jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń fi í ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan kọ̀wé sí mi: "Àǹtí, kí lẹ ṣe fún mi yìí? Màmá mi ló gbọ́ ọ." Cyprien ni orúkọ tó wà níbẹ̀, láti Banigbé. Mo kọ̀wé padà pé kí ó má bínú. Kò dáhùn. Mo pè é, kò gbé e. Ara mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ọkọ mi.

Ọjọ́ kẹta ọjọ́ yẹn, láàárọ̀, ọlọ́kadà kan gbé ìyá àgbà kan wá sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọlọ́kadà ló dì í mú kó tó lè sọ̀ kalẹ̀. Ó ga, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ, ìró rẹ̀ yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ògúndélé rí i, ó yára mú tapólì láti bo pósí méjì tó wà níwájú, bó ṣe máa ń ṣe bí àgbàlagbà tàbí aláìsàn bá ń kọjá.

Ìyá náà ní, "Má bò ó. Ohun tí mo wá wò nìyẹn."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó béèrè pé ṣé èmi ni Félicité. Mo ní èmi ni. Ó ní, "Mo mọ ohùn ẹ. Ọyakẹ́mi ni mí, ìyá Cyprien. Èwo ni ọmọ mi béèrè fún mi?"

Ẹ wò mí bí mo ṣe wà lórí eékún. Ọkọ mi ń wò mí, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ti igi tíìkì. Ìyá Ọyakẹ́mi rọra rìn lọ síbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìdérí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò yára.

Ó ní, "Iṣẹ́ tó dáa ni." Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí àpótí tí Ògúndélé gbé fún un.

Ó sọ fún wa bó ṣe rí. Sadatou, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Libreville, kì í kọ̀wé, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, Cyprien sì ti kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kó lè máa gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, fóònù Cyprien wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gba iná. Ohùn wọlé. Ó rò pé Sadatou ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Èmi ló gbọ́.

"Mo pe Cyprien, mo ní pósí ta ni? Ó dojú bolẹ̀. Ó ní tèmi ni. Ó ní nígbà tí àìsàn yẹn le ni, ṣùgbọ́n òun kò rà á mọ́, pé owó rẹ̀ lòun fi gbé mi lọ sí hôpital. Ta ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ kì í ṣàìrí nǹkan wí. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó bá yín sọ. Ó ní òun ti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ tipẹ́, kí ojú mi má bàa kàn án. Ìyàwó, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, kí ló ń pa rẹ́?"

Mo béèrè bóyá ó ti jẹun láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò fẹnu kan oúnjẹ ilé ẹ̀. Ẹni tó ti wọn gígùn mi, ṣé mo mọ ohun tó ń bù sí mi lọ́bẹ̀? Ògì aládùúgbò ni mo fi ń lo oògùn." Kò pariwo sọ ọ́. Bí ẹni ń sọ pé òjò kò rọ̀ ní Banigbé ló ṣe sọ ọ́.

Mo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé bó bá ń ṣe báyìí lọ, obìnrin yìí á kú, wọn á sì wá rà á lọ́wọ́ wa nígbà náà. Màá sì lẹ àmì ẹni tó ti san mọ́ ọn. Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Mo ní, "Màmá, ó pa á rẹ́ lórí fóònù tiẹ̀. Kò pa rẹ́ lórí tèmi."

Mo gbé àga tì í. Mo wá orúkọ Cyprien lábẹ́ àmì aláwọ̀ eérú. Lókè pátápátá, àwòrán pósí tíìkì wa wà níbẹ̀, ìpolówó tó tẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ìbéèrè kan tí a ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún gbogbo oníbàárà: èló ni èyí? Lẹ́yìn náà, ìkíni tí fóònù mi máa ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn Cyprien. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ni. Ó ṣì wà o, ó ṣì wà. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ níbí ló ní kí n múra sílẹ̀. Ó ga jù mí lọ díẹ̀, tẹ́lẹ̀. Donc, gígùn ẹ̀, un mètre soixante-quinze. Èló ló máa jẹ́?"

Mo ti gbọ́ èyí lọ́jọ́ tó fi ránṣẹ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé ó ṣì wà. Gígùn nìkan ni mo mú níbẹ̀. Ohùn tèmi ló tẹ̀ lé e, ó ń dún bí ti ẹni tó ń ta ata: cent cinquante mille, ọ̀kẹ́ méje ààbọ̀, ẹ san ìdajì ná, a ó gbé e délé fún yín, ẹ má mikàn. N kò lè gbé ojú wo ọkọ mi. Cyprien dáhùn pé òun máa mú gbogbo owó náà wá lọ́la, kí a fún òun ní èyí tó dára.

Ìyá Ọyakẹ́mi ní, "Ó tán?"

Mo fẹ́ sọ pé ó tán. Ìgbà náà ni mo rí i pé ohùn kan ṣì kù nísàlẹ̀, ti ọjọ́ kejì rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan. Àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ pé mo ti gbọ́ ọ ni, ì bá ti yí padà sí búlúù. Mo rántí ọjọ́ náà. Ẹnì kan wà níwájú mi tó ń ka owó, mo ṣí ọ̀rọ̀ Cyprien, mo rí i pé kò tíì san nǹkan kan, mo lẹ "Ó dákẹ́" mọ́ ọn, mo sì ti fóònù. Ọmọkùnrin náà kò dákẹ́. Èmi ni n kò gbọ́.

Mo sọ fún ìyá náà. Mo ní, "Màmá, ọ̀kan ṣẹ́kù. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀." Ó lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé ó rí èyí tí owó rẹ̀ kéré ju tiwa lọ. Ògúndélé mi orí pé kí n má tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ọyakẹ́mi na ìka ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ló kọ́kọ́ dún. Lẹ́yìn náà Cyprien, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Àǹtí, ẹ má retí mi mọ́. Mo ti gbé owó náà dání, mo ti dé ìdajì ọ̀nà, mo yí padà. Màmá béèrè omi láàárọ̀ yìí. Ẹni tó béèrè omi, mi ò lè lọ ra pósí fún un. Takisí ti dé, à ń gbé e lọ sí Porto-Novo. Owó yẹn ni màá san fún wọn, bó bá tán kó tán. Ẹ ta igi yẹn fún ẹlòmíràn, pardon."

A rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n kò tíì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ohùn mìíràn wọlé láti ẹ̀yìn, ohùn obìnrin, tínrín, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga: "Cyprien, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Kò sẹ́nì kankan, Màmá. Ẹ mu omi yín."

Ìyá Ọyakẹ́mi mọ ohùn ara rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Kò rántí ọjọ́ yẹn rárá, ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ohun àkọ́kọ́ tí òun rántí. Ó ní kí n tún un tẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó gbọ́ ọ títí dé ibi omi, ó wá bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. Ògúndélé bọ́ fìlà, ó jáde lọ dúró nínú oòrùn.

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó mi mọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ̀bi tèmi ni. Ó ti sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yẹn." N kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí. Kò yẹ kí n tún máa tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ṣí ìborùn kúrò lójú. Ó ní, "Dìde. Pè é fún mi."

Mo pè é. Mo gbà pé kò ní gbé e, nítorí kò gbé ìpè mi rí láti ọjọ́ náà. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e. Mo gbé fóònù sí etí ìyá rẹ̀. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sí ara wọn.

Ó ní, "Cyprien, ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ni mo wà. Wá gbé mi. Ebi ń pa mí."